Bílíìṣì Kọ́ Ló Ń Sọ Aṣọ Ilé-ìwé Di Funfun

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí ìdíje eré-ìdárayá ilé-ìwé ọmọ mi parí, mo kó ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Erùpẹ̀ pupa ti kún ara wọn bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn wọ́n. Mo da ọṣẹ ẹlẹ́bú sí i, mo tún bu bílíìṣì lé e, kí ó lè mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀rọ náà, ọrùn àti apá aṣọ ti dà bí èyí tí wọ́n da tíì sí. Mo rò pé ìdọ̀tí ni kò tíì tán, ni mo bá tún bu bílíìṣì sí i. Ẹ̀ẹ̀kejì ló wá pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìyá àgbà kan tó ń fọṣọ fún ará àdúgbò wa ló là mí lójú. Ó wo aṣọ náà, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé omi bóòhóòlù lo fi fọ̀ ọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, “Omi yẹn ló ní irin nínú. Bílíìṣì ló sì fa irin náà jáde.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Irin máa ń yọ́ mọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ mọ́ ọbẹ̀. Bí omi náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó lè mọ́ gaara, kí ojú má rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí bílíìṣì bá ti kan irin yìí, lójú ẹsẹ̀ ni yóò dógùn-ún, bí ìṣó tí òjò pa. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ sì wà nínú omi náà, inú fọ́nrán aṣọ gan-an ni ìdógùn-ún yẹn máa jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí bílíìṣì kejì fi mú un burú sí i. Erùpẹ̀ pupa pàápàá, irin tó ti dógùn-ún ló fún un ní àwọ̀ pupa rẹ̀, nítorí náà bílíìṣì kò lè ṣí i kúrò rárá.

Ẹ lè dán omi ilé yín wò. Ẹ bu omi sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ da ọmọrí ìgò bílíìṣì kan sí i, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹ gbé e síwájú ìwé funfun. Bí ó bá pọ́n bíi tíì, irin wà níbẹ̀, kí bílíìṣì má ṣe bá aṣọ funfun yín pàdé nínú omi náà mọ́. Òjò ni omi tó dára jù fún un. Bí kò bá sí omi òjò, ẹ bu omi bóòhóòlù náà sínú korobá, kí ẹ máa dà á láti inú korobá kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi sílẹ̀ mọ́jú. Púpọ̀ nínú irin náà yóò sùn sí ìsàlẹ̀. Òkè rẹ̀ tó tòrò ni kí ẹ rọra dà sínú ẹ̀rọ.

Kí aṣọ tó dé inú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ gbẹ dáadáa, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a kúrò. Ẹrẹ̀ tútù tí omi bá bá lára aṣọ, ńṣe ló ń wọlé sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pa ọrùn, ìparí apá àti orúnkún, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Nínú ẹ̀rọ, kí aṣọ funfun dá wà, kí ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ kankan má bá a lọ. Ẹ má sì kún ẹ̀rọ náà dẹ́nu, nítorí aṣọ gbọ́dọ̀ rí àyè yí. Omi ìgbóná digiríì 40 tó. Ọṣẹ tó pọ̀ jù kì í mú aṣọ mọ́ sí i. Èyí tí omi kò bá ṣàn kúrò ló ń sọ aṣọ di eérú-eérú, tí ó sì ń mú kí ó gan.

Aṣọ mi mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ìyá àgbà náà ní kí n fi omi fọ bílíìṣì kúrò lára wọn pátápátá ná, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú tó pọ́n, mo fi iyọ̀ díẹ̀ wọ́n ọn, mo sì sá a sóòrùn fún wákàtí kan. Kíkan ọsàn náà ló ń tú irin. Méjì nínú wọn mọ́, ẹ̀kẹta ṣì ní àpá díẹ̀ lábẹ́ apá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da ọsàn tàbí finígà pọ̀ mọ́ bílíìṣì láéláé. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè pa ènìyàn.

Kánfáàsì ní ìṣòro tirẹ̀, ìṣòro náà sì ni gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù ló so àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mọ́ aṣọ rẹ̀, ooru sì ń mú un rọ̀. Omi tútù, tàbí èyí tí kò kọjá digiríì 30, ni kí ẹ lò. Ẹ yọ okùn àti ìtẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ fọ ìwọ̀nyí lọ́tọ̀. Ẹ gbá ẹrẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kó bàtà méjèèjì sínú àpò ìrọ̀rí, kí ẹ so ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi tówẹ̀lì àtijọ́ méjì bá a lọ, kí ó má bàa máa gbá ara ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ onígbá méjì, ẹ má fi bàtà sí igbá ìfúnmi rẹ̀. Ẹ fi tówẹ̀lì gbígbẹ tẹ omi inú rẹ̀ jáde. Bàtà aláwọ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Bí kánfáàsì bá funfun nígbà tó tutù, tó wá pọ́n nígbà tó gbẹ, ọṣẹ ló kù sínú rẹ̀. Bí omi ṣe ń gbẹ, ó ń fa ọṣẹ náà wá sójú aṣọ, oòrùn á sì mú un pọ́n. Ẹ tún un ṣàn dáadáa, kí ẹ fi ṣíbí finígà méjì sínú korobá omi ìkẹyìn, bí bílíìṣì kò bá tíì kan bàtà náà. Kí ẹ wá fi tíṣù funfun wé gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, lábẹ́ òjìji. Tíṣù náà ni yóò pọ́n dípò bàtà. Ìwé ìròyìn kò dára fún un, yíǹkì rẹ̀ ń wọ aṣọ.

Kánfáàsì tí kò rí oòrùn lè gba ọjọ́ méjì kó tó gbẹ dé inú. Bí ọmọ yín yóò bá wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni kí ẹ fọ̀ ọ́.