Ibi Tí Kílò Mẹ́rin Gbà Lọ, àti Ìdí Tó Fi Ń Padà Wá

Fífi ebi pa ara àti mímu tíì ìfọnú máa ń jẹ́ kí ohun tí sìkélì ń kà wálẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ọ̀rá kọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó kúrò lára. Ohun tí olùkọ́ jíìmù tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ là yé oníbàárà rẹ̀ nìyí, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tó lọ kò lè mọ ìdí tó fi padà dé.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Obìnrin kan wọn kílò 85. Ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ ẹbí tó rán sì ti ń fún un. Ó pa òkèlè, ìrẹsì àti búrẹ́dì tì, kùkúńbà àti ẹyin díẹ̀ ló ń jẹ, alaalẹ́ ló sì ń mu tíì ìfọnú kó tó sùn. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, sìkélì ka kílò 81. Inú rẹ̀ dùn, ó gbà pé kílò 4 ọ̀rá ti lọ.

Ìṣirò kò gbè é. Ara obìnrin bẹ́ẹ̀ lè máa lo nǹkan bíi kálórì 2,000 lójúmọ́. Bó bá jẹ 600 péré, á ku 1,400 tí ara ní láti wá fúnra rẹ̀, ìyẹn 9,800 ní ọjọ́ 7. Kálórì tó wà nínú kílò kan ọ̀rá ara sì tó 7,700. Ká tiẹ̀ sọ pé inú ọ̀rá nìkan ni ara ti mú gbogbo rẹ̀, kò lè ju kílò 1.3 lọ. Kílò 2.7 tó ṣẹ́ kù ńkọ́?

Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà díẹ̀ pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan fún ìgbà tí oúnjẹ bá pẹ́. Glaikójìn ni wọ́n ń pè é. Lára àgbàlagbà, ó lè tó gíráàmù 500, gíráàmù kọ̀ọ̀kan sì ń di nǹkan bíi gíráàmù 3 omi mú. Bí ẹni náà bá pa oúnjẹ onísítáàṣì tì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ara á ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú glaikójìn yìí, omi tó dì mọ́ ọn á sì bá ìtọ̀ jáde. Ìyẹn nìkan lè sún mọ́ kílò 2. Ìyókù ni oúnjẹ àti ìgbẹ́ tó yẹ kó wà nínú ìfun, tí tíì ti gbá jáde, tí oúnjẹ tuntun kò sì rọ́pò rẹ̀.

Bí Sátidé bá wá dé, tí obìnrin náà jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù àti iyán níbi ìnáwó, glaikójìn á bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà, omi á tẹ̀ lé e. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà á tún di omi mú sára. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí sìkélì bá ka kílò 83 ní ọjọ́ Ajé. Obìnrin náà á máa bá ara rẹ̀ wí pé òun kò lè kó ara òun níjàánu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rá kílò 2 tó lè hù lára èèyàn láàárín ọjọ́ méjì. Omi tó lọ ló dé.

Ọ̀rọ̀ tíì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ka ẹ̀yìn páálí ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀ á rí i pé ewé sẹ́nà wà nínú rẹ̀, ewé tí wọ́n ti ń fi ṣe oògùn ìyàgbẹ́ láti ayébáyé. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ewé náà máa ń gba ikùn àti ìfun kékeré kọjá láìṣe nǹkan kan. Ó di inú ìfun ńlá kí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó wà níbẹ̀ tó yí i padà, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìfun. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu ún lálẹ́ fi ń sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ìfun kékeré ni ara ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú kálórì oúnjẹ. Nígbà tí tíì bá fi dé ìfun ńlá, iyán ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ tán. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí ní 1983. Oògùn ìyàgbẹ́ fa ìgbẹ́ gbuuru lítà 4 sí 6, síbẹ̀ kálórì tó bá a lọ kò ju nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 ohun tí àwọn tó lò ó jẹ.

Ohun tó ń bá ìgbẹ́ náà lọ ní tòótọ́ ni omi àti àwọn iyọ̀ ara, pàápàá pọtásíọ̀mù, tí iṣan àti ọkàn nílò. Bí ẹni tó ń mu irú tíì bẹ́ẹ̀ bá ń rí i pé okun òun ń tán, tí iṣan ẹsẹ̀ ń pa kókó, tí òòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde, tàbí tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, kó dá a dúró kó sì lọ rí dókítà. Ní ti ìdọ̀tí tí wọ́n ní tíì ń fọ̀ kúrò lára, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín nìyẹn, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń ṣe é. Bí wọn kò bá ṣe é mọ́, ọsibítù ló kàn.

Ẹni tó bá fi ebi pa ara rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan á pàdánù ọ̀rá lóòótọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni ohun tí ara ń ṣe láti gba ara rẹ̀ là. Ní 1944, Ancel Keys bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Yunifásítì Minnesota pẹ̀lú ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn. Fún ọ̀sẹ̀ 24, oúnjẹ wọn kò ju nǹkan bíi kálórì 1,570 lójúmọ́, wọ́n sì ń rin ìrìn gígùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Ṣùgbọ́n òtútù ń mú wọn, ọkàn wọn ń lù lọ́ra, okun tí ara wọn ń ná nígbà tí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́ wálẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ló sì gba ọkàn wọn, débi pé àwọn kan ń kó ìwé oúnjẹ sísè jọ. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n jẹun bó ṣe wù wọ́n, wọ́n jẹ ẹ́ kọjá ààlà, ọ̀rá sì padà kí iṣan tó padà. Ẹ wo bó ṣe jọ ti ẹni tó rù lóṣù Karùn-ún tó sì sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóṣù Kejìlá.

Ti iṣan yìí ló ká olùkọ́ jíìmù lára jù. Bí ebi bá le, tí ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà kò tó, tí èèyàn kò sì gbé irin, ara á máa jẹ iṣan mọ́ ọ̀rá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń ní kí oníbàárà dín nǹkan bíi kálórì 500 kù lójúmọ́, kó má sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún obìnrin yẹn, ó lè jẹ́ òkèlè tó dín sí ìdajì, epo tó dín nínú ọbẹ̀, àti mínírà tí kò rà mọ́. Ẹja àti ẹ̀wà kò ní kúrò nínú àwo, á sì máa gbé irin lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Èyí á mú nǹkan bí ìdajì kílò lọ lọ́sẹ̀ kan.

Sìkélì kò lè fi irú àdínkù bẹ́ẹ̀ hàn láàárín ọjọ́ kan sí èkejì, torí omi nìkan lè gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ ní kílò kan. Ó sàn kó máa gun sìkélì láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kí ó tó jẹun, kó pín àròpọ̀ ọjọ́ 7 sí 7, kó sì fi èsì ọ̀sẹ̀ kan wé ti èkejì. Kó tún fi téèpù aránṣọ wọn ìbàdí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ibi ìdodo. Bí téèpù bá ń dín kù, tí irin tó ń gbé kò sì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rá ló ń lọ. Bí sìkélì bá ń sáré wálẹ̀, tí téèpù dúró, tí apá rẹ̀ kò sì gbé irin àná mọ́, omi àti iṣan ló ń lọ.