Ooru Nínú Ọ̀pá Bàbà

Ẹ wo ọ̀pá bàbà kan tó gùn ní mítà 1, tí a fi òwú wé kí ooru má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Gbogbo ara rẹ̀ tutù bíi yìnyín, ní dígírí 0. A wá ki orí rẹ̀ ọ̀tún bọ omi tó ń hó, dígírí 100, a sì fi ti òsì sílẹ̀ nínú yìnyín. Méjèèjì kò ní yí padà mọ́. Báwo ni àárín rẹ̀ yóò ṣe gbóná tó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15?

Ọ̀gbẹ́ni Joseph Fourier, tó ń ṣàkóso agbègbè kan ní Grenoble nílẹ̀ Faransé, gbé ọ̀nà tí a fi ń dáhùn irú ìbéèrè yìí síwájú àwọn onímọ̀ Paris lọ́dún 1807. Lagrange ta kò ó. Ọdún 1822 ni ìwé ńlá rẹ̀ tó jáde.

Òfin ooru kò le. Ibi tó bá tutù ju ìpíndọ́gba apá rẹ̀ méjèèjì yóò máa gbóná sí i. Èyí tó bá gbóná jù yóò máa rọlẹ̀. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí: `u_t = k u_xx`. Fún bàbà, k tó nǹkan bíi 0.00011 bí a bá fi mítà àti ìṣẹ́jú-àáyá wọn nǹkan.

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí a ka ìdáhùn sí ohun méjì tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn: X tó mọ ibi nìkan, àti T tó mọ àkókò nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kù gìrì bẹ̀rẹ̀ báyìí yóò há sójú kan. Bí `X(1)T(t)` bá gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 nígbà gbogbo, T kò lè yí padà rárá. Nítorí náà, 100 yẹn la ó kọ́kọ́ mú kúrò. Bó pẹ́ bó yá, ìgbóná ọ̀pá náà yóò tò gbọọrọ láti 0 dé 100, ìyẹn `100x`. Ẹ yọ èyí kúrò. Ohun tó kù, tí a ó pè ní v, jẹ́ òdo ní orí méjèèjì. Ó ti rọrùn nìyẹn, torí òdo pẹ̀lú òdo, òdo náà ni, a sì lè to ìdáhùn púpọ̀ pọ̀ láìba orí ọ̀pá jẹ́.

Òfin wá di `T'/(kT) = X''/X`. Apá kan kò mọ ibi, apá kejì kò mọ àkókò, síbẹ̀ wọ́n dọ́gba: nọ́ńbà kan tí kì í yí padà ni àwọn méjèèjì. Ó sì gbọ́dọ̀ kéré sí òdo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ X kò lè jẹ́ òdo ní orí méjèèjì àfi bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. X wá di `sin(nπx)`, ó rí bí okùn gòjé tó ń gbọ̀n láàárín ibi méjì tí a so ó mọ́. T sì di `e^(-kn²π²t)`. Nítorí `n²` yìí, ìgbì kejì ń yára kú ní ìlọ́po 4 ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta ní ìlọ́po 9.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, v jẹ́ `-100x`. Ìpín ìgbì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ -63.7. Ìgbì kejì jẹ́ òdo ní àárín gan-an. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, àkọ́kọ́ ti dín kù sí -24, ẹ̀kẹta kò sì tó nǹkan mọ́. Àárín ọ̀pá wà ní 50 dín 24, ìyẹn dígírí 26. Lẹ́yìn wákàtí 1, ó ti tó 49.

Ìgbì kan ṣoṣo tó nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò tó ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ro ìgbì 10 péré pọ̀ nígbà náà, ìṣirò yóò ní àwọn ibì kan tutù ju yìnyín lọ. Kò sí ohun tó lè mú ọ̀pá yìí tutù tó bẹ́ẹ̀. Ìgbì tí ẹ rò ló kéré.