Àtúnkọ Ìwé Owó sí Oníbàárà Òkè-Òkun: Ta Ni Yóò San Owó Báǹkì?

Ògbufọ̀ kan ní Ìbàdàn kọ̀wé sí oníbàárà rẹ̀ ní Jámánì pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san 500 dọ́là sí àkáǹtì wa." Oníbàárà san 500 lóòótọ́, ṣùgbọ́n 470 ni ó wọlé. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnì kan jẹ; báǹkì tí owó gbà kọjá ni ó yọ tirẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àléébù ìwé náà ni pé kò sọ ẹni tí yóò ru ìnáwó yìí. Àmì mẹ́ta ni báǹkì ń lò fún un. Bí ó bá jẹ́ OUR, ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ni yóò san gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ BEN, ẹni tó ń gbà á ni. Bí ó bá jẹ́ SHA, olùfiránṣẹ́ yóò san ti báǹkì rẹ̀, ìyókù yóò sì di ti ẹni tó ń gbà á.

A tún ìwé náà kọ báyìí: "Ẹ jọ̀wọ́, a fẹ́ kí 500 dọ́là wọ àkáǹtì dọ́là wa ní pípé. Ẹ bá wa yan OUR. Bí ẹ bá ń san án láti inú yúrò, ẹ̀yin ni yóò ru owó ṣíṣẹ́ rẹ̀ sí dọ́là. Ohun tí báǹkì tiwa bá yọ, àwa ni yóò san án."

Bí owó bá ṣì dín, kí a béèrè ẹ̀dà ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́ báǹkì lọ́wọ́ oníbàárà. Ìyẹn ni yóò fi àmì tí wọ́n yàn hàn wá.