Àṣìṣe Tí KiCad Kò Lè Rí

Ọdún 1992 ni Jean-Pierre Charras, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ KiCad, sọ́fíwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ya pátákó sákíìtì lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ DRC: bí ìlà bàbà méjì bá súnmọ́ ara wọn jù, tàbí tí ìsopọ̀ kan bá ṣẹ́ kù, yóò tọ́ka sí i.

Ṣùgbọ́n DRC kò mọ irú ẹ̀yà tí ayàwòrán rà lọ́jà.

Ká ní ó ya transisítọ̀ BC547, àmọ́ 2N3904 ló rí rà. Ìrísí kan náà ni wọ́n ní, ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Tí ibi pẹrẹsẹ wọn bá kọjú sí èèyàn, ẹsẹ̀ apá òsì BC547 ni kòlẹ́kítọ̀. Ti 2N3904 ni ẹ̀mítà. Wọ́n á jó o mọ́ pátákó, DRC kò ní wí nǹkan kan, sákíìtì kò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

Títẹ àwòrán sórí bébà ní ìwọ̀n 1:1, kí a sì fi ẹ̀yà lé e, máa ń fi ihò tí kò bá ẹsẹ̀ mu hàn. Ní ti ètò ẹsẹ̀, dátáṣíìtì ni kí ó kà. Bó bá ti jó o mọ́ ọn, kí ó tú u, kí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú: àárín ni bésì àwọn méjèèjì wà.