Ìsàlẹ̀ Ojú-Ìwé Tàbí Ẹ̀yìn Ìwé: Ibo Ló Yẹ Kí Àlàyé Wà?

Ní oṣù kejì ọdún 1776, ìdìpọ̀ kìíní ìwé tí Edward Gibbon kọ lórí ìṣubú ìjọba Róòmù jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. David Hume, ọmọ Sìkọ́tíláǹdì tí òun náà ti kọ ìwé ìtàn ńlá, kà á, ó sì yìn ín. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹrin, ó kọ lẹ́tà sí William Strahan tó tẹ ìwé náà pé nǹkan kan ń yọ òun lẹ́nu. Nọ́ńbà kéékèèké wà láàárín ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ìwé pátápátá sì ni àlàyé wọn wà. Òǹkàwé á ṣí ìwé títí dé ẹ̀yìn, kìkì orúkọ ìwé tí Gibbon ti mú ọ̀rọ̀ ni yóò sì máa bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Hume ní etí ojú-ìwé tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló yẹ irú ìtọ́kasí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀kẹta ní 1777, wọ́n kó àlàyé wá sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé.

Ohun tó wà nínú àlàyé ni Hume fi pinnu ibi tó yẹ kó wà, ọ̀nà tó sì dára jù láti gbé ọ̀rọ̀ yìí wò nìyẹn. Oríṣi nǹkan méjì ni ẹni tó ń kọ̀wé lórí ìtàn, lítíréṣọ̀ tàbí ẹ̀sìn sábà máa ń fi sínú àlàyé. Ọ̀kan ni ẹ̀rí: ìwé wo ni, ta ló kọ ọ́, ọdún wo ló jáde, ojú-ìwé mélòó, tàbí ta ló sọ ìtàn náà, níbo, lọ́jọ́ wo. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fẹ́ sọ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kó dá ìtàn dúró. Èkejì yìí ló ń da nǹkan rú.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ orí kan nípa àwọn ogun Ìbàdàn, tó sì ń lo ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ. Orúkọ Johnson, orúkọ ìwé àti ojú-ìwé tó fi ṣe ẹ̀rí kò gbà ju ìlà kan lọ. Ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé, ìṣẹ́jú àáyá kan ni òǹkàwé fi máa rí i, á sì máa bá ìtàn lọ. Àmọ́ ìtàn ìwé náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ìwé àfọwọ́kọ tó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù sọnù, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀ tún un kọ. Ọdún 1921 ni ìwé tí à ń kà yìí tó jáde.

Bí àríyànjiyàn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá dúró lórí bí Johnson ṣe to gbólóhùn kan gan-an, inú ọ̀rọ̀ gangan ni ìtàn yìí yẹ kó wà, nítorí a ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ló kọ gbólóhùn náà tàbí àbúrò. Bó bá jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan láàárín ọ̀pọ̀ ni Johnson, tí ọjọ́ ogun nìkan la sì fẹ́ fi hàn, gbólóhùn méjì nínú àlàyé ti tó. Pé dókítà ìṣègùn ni Obadiah ní Èkó, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ran ogun Ìbàdàn lọ́wọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pa á rẹ́. Bí a ṣe ń mọ̀ nìyí: ẹ bo àlàyé mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ òkè. Bí ọ̀rọ̀ òkè kò bá lè dúró mọ́, ohun tó gbé e ró ni ẹ fi pa mọ́ sísàlẹ̀.

Àwọn tó ń tẹ ìwé jáde fẹ́ràn ẹ̀yìn ìwé. Láyé tí wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé, iṣẹ́ ńlá ni kí àlàyé bá ojú-ìwé tó ni ín mu, owó sì ni iṣẹ́ náà ń ná wọn. Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe báyìí. Ohun tó kù ni ìbẹ̀rù pé ojú-ìwé tí àlàyé kún ìdajì rẹ̀ yóò lé oníbàárà sá, n kò sì lè ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlàyé ẹ̀yìn ìwé máa ń sọ òǹkàwé nù. Nọ́ńbà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1 ní orí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àlàyé 14 lè tó mẹ́jọ nínú ìwé kan, bẹ́ẹ̀ ni òǹkàwé kì í rántí pé orí karùn-ún ni òun wà.

Àwọn ìwé kan pín in sí méjì: ìràwọ̀ kékeré fún àlàyé tí òǹkàwé nílò, ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé; nọ́ńbà fún ẹ̀rí lásán, ní ẹ̀yìn. Ìyẹn yí ìmọ̀ràn Hume po. Mo gbà pé ó bá ìwé tí gbogbo ayé máa kà mu, torí pé ẹni tó ń kà á kò ní máa yẹ ẹ̀rí wò ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Fún iṣẹ́ ìwádìí, èrò Hume ni mo fara mọ́: ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ rí i níbi tó ti ń ka ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé jáde, bó bá di dandan kí àlàyé wà lẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sórí ojú-ìwé àlàyé kọ̀ọ̀kan pé ojú-ìwé 45 sí 52 ló wà fún, kì í ṣe «Àlàyé» lásán.