Owó Iléyá Tí Yóò Dé Oṣù Kọkànlá

Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ibi tí èèyàn yóò fìdí lé ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìjẹ̀bú Òde. Aṣọ Iléyá ń bẹ nílẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ tí wọn yóò wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta ọdún tún ń bẹ nílẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, télọ̀ yìí kan náà lè máa wá owó epo tí yóò rọ sí jẹnẹrétọ̀.

Inú owó àsansílẹ̀ ni ìṣòro náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó san ₦10,000 sílẹ̀ lórí aṣọ ₦15,000 kò tíì fún télọ̀ lérè kankan, torí òwú, síìpù àti owó ọmọṣẹ́ ṣì ń bọ̀ wá jẹ nínú rẹ̀.

Ká ní télọ̀ kan rán ọgọ́ta aṣọ fún Iléyá, ₦15,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦900,000 nìyẹn. Àwọn tó bá a rán an gba ₦240,000, òwú, síìpù àti aṣọ inú kó ₦90,000 lọ, epo gba ₦70,000. Ó ku ₦500,000. Ká ní oúnjẹ ilé, owó ṣọ́ọ̀bù, iná àti ìtọ́jú ọmọṣẹ́ ń gbà tó ₦180,000 lóṣù. Bó bá yọ ti oṣù ọdún yẹn, ₦320,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti oṣù keje dé ìkọkànlá, tí ọjà kò yá, ká ní ₦110,000 ló ń wọlé lóṣù lẹ́yìn owó òwú. ₦70,000 ni kò pé lóṣooṣù; fún oṣù márùn-ún, ₦350,000. Ẹ ò rí i pé owó ọdún kò tó, ₦30,000 ló fi dín, bẹ́ẹ̀ kò tíì ra nǹkan kan fún ara rẹ̀. Bí oníbàárà mẹ́fà bá sì gbé aṣọ lọ láìsan ₦5,000 tó kù, ó di ₦60,000. Ẹni tó ti wọ aṣọ ọdún tán kì í kánjú san gbèsè rẹ̀, nítorí náà kí owó pé kí aṣọ tó jáde.

Kí ₦320,000 náà wọ báǹkì, kí ó máa mú ₦70,000 péré nínú rẹ̀ lóṣù. Bó bá sì wà nínú èésú, kí ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi òun sí oṣù kẹwàá. Aṣọ ilé-ìwé ló lè dí àlàfo tó kù, ṣùgbọ́n oṣù keje ni kí ó ti lọ bá àwọn olùkọ́ sọ ọ́, torí oṣù kẹsàn-án ni ilé-ìwé ń wọlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ télọ̀ kì í kà sí ni pé Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yára dé lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni. Ní 2025, ọjọ́ 6. Kérésìmesì ní tirẹ̀ kò kúrò lójú kan. Láàárín ọdún mẹ́ta, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì yóò ti fi oṣù kan gùn sí i, ₦350,000 yẹn yóò sì di ₦420,000.