Gbèsè Tó Wà Nílẹ̀ àti Owó Tó Ṣẹ́ Kù Lóṣù: Èwo Ni Kó Ṣáájú?

Ẹni tó bá fi owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ san gbèsè kí ọjọ́ tó pé, èrè ló ń jẹ, bí èrè náà kò tilẹ̀ bọ́ sí i lápò. Gbogbo èlé tí kò ní san mọ́ ni èrè rẹ̀. Ẹni tó bá kó irú owó bẹ́ẹ̀ lọ fi dókòwò yóò jẹ èrè tirẹ̀ níbi tó fi í sí. Ohun tí a ń wọ̀n síra ni èlé tí gbèsè ń gbà lọ́wọ́ èèyàn àti èrè tí ìdókòwò ń mú wá. Ó rọrùn létí, àmọ́ ó máa ń ṣi alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́nà, nítorí pé iye èlé tí ayánilówó fẹnu sọ lè má jẹ́ iye tí onígbèsè ń san gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè kan wà tó jẹ́ pé, bí èèyàn tilẹ̀ san án lónìí, kọ́bọ̀ kan kò ní kúrò nínú èlé rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣírò èlé. Ní ọ̀nà kìíní, orí owó tó kù lọ́rùn onígbèsè ni wọ́n ti ń bu èlé, nítorí náà bí gbèsè ṣe ń fò sílẹ̀ ni èlé náà ń fò sílẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, orí ojú owó tí wọ́n kọ́kọ́ yá a ni wọ́n ti ń bu ú láti oṣù àkọ́kọ́ títí dé oṣù ìkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onígbèsè ti dá púpọ̀ padà nínú owó náà. Ọ̀nà kejì yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn báńkì kéékèèké àti àwọn tó ń yá òṣìṣẹ́ lówó tí wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù. Òun ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀ dunjú.

Ká ní olùkọ́ kan ní Òṣogbo yá ₦600,000 láti kan páànù ilé tó ń kọ́. Wọ́n ní kó san án tán láàárín oṣù 12, wọ́n sì ní èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, lórí ojú owó àkọ́kọ́. Ìdá 3 nínú ₦600,000 jẹ́ ₦18,000. Bí wọ́n bá pín ojú owó sí ọ̀nà 12, ₦50,000 ló kan oṣù kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ ohun tí yóò máa san lóṣù jẹ́ ₦68,000, àpapọ̀ èlé rẹ̀ fún ọdún náà sì jẹ́ ₦216,000.

Bí ènìyàn bá wo ìdá 3, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 12, yóò sì ní ìdá 36 lọ́dún ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní, gbogbo ₦600,000 ló wà lọ́wọ́ olùkọ́ yìí, àmọ́ ní oṣù kejìlá ₦50,000 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú owó olówó, síbẹ̀ ₦18,000 náà ni wọ́n ṣì ń gbà lórí rẹ̀. Bí a bá ro gbogbo oṣù náà pọ̀ tí a sì pín in, nǹkan bí ₦325,000 ni owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Lórí iye yìí ló san èlé ₦216,000. Ẹni tó bá mọ ìṣirò báńkì tó sì ṣe é ní ọ̀nà kìíní yóò rí i pé èlé náà lé díẹ̀ ní ìdá 5 lóṣù, ìyẹn ju ìdá 60 lọ lọ́dún. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìṣirò lè fi ọ̀nà àbùjá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: kó sọ ìdá tí wọ́n bá dá lé orí ojú owó àkọ́kọ́ di ìlọ́po méjì, kó yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kò ní jìnnà sí òótọ́.

Ó wá ku owó tó ń ṣẹ́ kù lóṣù. Lẹ́yìn oúnjẹ, owó ọkọ̀, owó iléèwé àti ₦68,000 gbèsè, ká ní ₦40,000 ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ olùkọ́ yìí. Ibi tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ sí láìfi í sínú ewu púpọ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Ó lè ra bíìlì ìjọba àpapọ̀, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Ó sì lè fi í sínú àpò àjùmọ̀dá, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó níwèé àṣẹ ti ń kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀, tí wọ́n ń fi ra irú bíìlì bẹ́ẹ̀ tàbí kí wọ́n fi sí báńkì fún àkókò díẹ̀. Èrè wọn kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, èrè bíìlì ọlọ́dún kan ní Nàìjíríà kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2024 ó kọjá ìdá 20. Fún àpẹẹrẹ yìí, ká mú ìdá 18 lọ́dún, ìyẹn ìdá kan àti ààbọ̀ lóṣù.

Bí olùkọ́ náà bá jẹ́ kí gbèsè rẹ̀ máa lọ bó ṣe ń lọ, tó ń sọ ₦40,000 sínú àpò àjùmọ̀dá lóṣooṣù, nǹkan bí ₦521,600 ni yóò ní nígbà tí ọdún bá yí po. Nínú rẹ̀, bíi ₦41,600 ni èrè. Kì í ṣe èrè tí èèyàn ń fojú rénà, àfi bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦216,000 tó ń jáde láti ọwọ́ kejì.

Ó lè gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ayánilówó kì í gba àfikún ₦40,000 lóṣù kí wọ́n sì torí rẹ̀ dín èlé kù. Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń fẹ́. Nítorí náà yóò máa kó ₦40,000 rẹ̀ sínú àpò àjùmọ̀dá náà, àmọ́ gbèsè ló ń kó o dè. Ní ìparí oṣù keje, owó tó wà nínú àpò yóò ti tó nǹkan bí ₦292,900, ojú owó tó kù lọ́rùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦250,000. Bí ayánilówó bá gbà láti fojú fo èlé oṣù márùn-ún tó kù, yóò san ₦250,000, yóò sì gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ èlé ₦90,000. Láti ìgbà náà lọ, ₦68,000 tó ń lọ síbi gbèsè yóò dara pọ̀ mọ́ ₦40,000, tí yóò di ₦108,000 tó ń wọ inú àpò lóṣù. Nígbà tí oṣù 12 bá pé, nǹkan bí ₦602,700 ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi bíi ₦81,000 ju ti àkọ́kọ́ lọ, láìjẹ́ pé owó oṣù rẹ̀ lé kọ́bọ̀ kan.

Gbogbo ìṣirò yìí rọ̀ mọ́ gbólóhùn kan: bí ayánilówó bá gbà láti fojú fo èlé tó kù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àdéhùn mìíràn sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní oṣù keje gbọ́dọ̀ san ₦68,000 lọ́nà márùn-ún, ìyẹn ₦340,000, kó tó lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sísan gbèsè ṣáájú kò mú èrè kankan wá. Ṣe ló kàn kó owó tó lè máa bímọ fún un fún ẹni tí ìbá dúró dè é. Bákan náà ló rí láwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó máa ń yọ gbogbo èlé látorí kí wọ́n tó ka owó fún ọmọ ẹgbẹ́: èlé ti lọ, sísan ṣáájú kò lè dá a padà, àyàfi bí òfin ẹgbẹ́ bá sọ pé wọ́n á dá díẹ̀ padà fún ẹni tó bá yára. Fún irú gbèsè bẹ́ẹ̀, ìdókòwò ló yẹ kó ṣáájú, kí onígbèsè sì máa san tirẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ.

Nítorí náà, kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ṣe ohunkóhun, kó tọ ayánilówó lọ, kó bi í pé: “Bí mo bá fẹ́ san gbogbo rẹ̀ tán ní ìparí oṣù yìí, èló gan-an ni mo máa san?” Kó gba ìdáhùn náà ní kíkọ, kó sì béèrè bóyá owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá san ṣáájú. Lẹ́yìn náà kó ṣírò iye tí ì bá san bó bá dúró títí dé òpin, kó yọ èyí tí wọ́n kọ fún un kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá kù ni èrè sísan ṣáájú. Bí kò bá sí ohun tó kù, ọ̀rọ̀ ti parí.

Gbèsè tí èlé rẹ̀ kéré tún yàtọ̀. Owó ìkọ́lé tí àwọn tó ń dá owó sí àpò ilé gbígbé ti orílẹ̀-èdè, èyí tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, ń yá láti báńkì ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀, èlé rẹ̀ kì í ju ìdá 6 tàbí 7 lọ́dún lọ, wọ́n sì lè fi ọ̀pọ̀ ọdún san án. Lọ́dún tí bíìlì ìjọba ń mú ìdá 18 tàbí 20 wá, tí ọ̀wọ́n gógó ọjà sì ń jẹ iye tí náírà ní, kò sídìí tí onígbèsè bẹ́ẹ̀ fi ní láti sáré. Ṣùgbọ́n bí èrè bíìlì bá tún já wálẹ̀ bíi ti ọdún 2020, sísan gbèsè ìdá 6 pàápàá á sàn ju bíìlì lọ. Ẹni tó gbé ìpinnu rẹ̀ ka èrè ọdún kan ní láti tún un wò nígbà tí ọdún bá yí.

Ohun kan wà tó yẹ kó ṣáájú méjèèjì. Owó tó bá ti wọ ọwọ́ ayánilówó kò ṣeé gbà padà. Bí ọmọ olùkọ́ yìí bá ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ kejì tó san gbèsè rẹ̀ tán, tí kò sì sí nǹkan kan nílẹ̀, orí áàpù ẹ̀yáwó ló máa bá ara rẹ̀, níbi tí èlé ọgbọ̀n ọjọ́ ti lè ju gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún un lọ. Owó ìnáwó oṣù kan, ó kéré tán, ló yẹ kó wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o kíákíá, kó tó di pé ó ń kó owó jọ dè gbèsè tàbí tó ń ra bíìlì. Ìdí nìyí tí ₦42,900 tó ṣẹ́ kù nínú àpò olùkọ́ náà lẹ́yìn tó san gbèsè tán fi ṣe pàtàkì, bó tilẹ̀ kéré sí ohun tí ì bá dára. Ẹni tí kò ní nǹkan kan ní ìpamọ́ tẹ́lẹ̀ lè dúró di oṣù kẹjọ kó tó san.

Ẹni tó bá wo gbèsè tó ń gba ìdá 5 lóṣù lè máa wá ìdókòwò tó máa bá a dọ́gba. Kò sí bíìlì ìjọba tàbí àpò àjùmọ̀dá tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn tó ń ṣèlérí rẹ̀ ni onísogúndogójì, bíi MMM tó ṣèlérí ìdá 30 lóṣù fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, tó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ẹni tó fi owó gbèsè sínú irú rẹ̀ pàdánù owó náà, àmọ́ gbèsè rẹ̀ kò sá lọ. Èrè tó dájú tó sì ga jù lọ tí onígbèsè olówó-èlé gíga lè rí ni èlé tí kò ní san mọ́.

Lọ́jọ́ tó bá san gbèsè tán, kó gba lẹ́tà tó fi hàn pé kò jẹ owó mọ́, kó sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún akọ̀wé owó oṣù níbi iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yọ owó, wọ́n lè tún yọ ₦68,000 náà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìwé owó oṣù kejì ló máa sọ bóyá ó ti dúró lóòótọ́.